Lẹ́tà sí ẹgbẹ́ akọrin lórí àkókò ríhásà tuntun àti kíka orin lójú ẹsẹ̀: ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́

Olùdarí_Akọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹgbẹ́ akọrin tí mò ń darí tó ogójì ènìyàn, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé. Mo fẹ́ yí àkókò ríhásà padà, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa ka orin fúnra wọn dípò kí n máa fi dùrù kọ́ wọn lẹ́yọ nótì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ nìyí. Ṣé ó yé ènìyàn? Ibo lẹ rò pé wàhálà máa ti bẹ̀rẹ̀?

> Ẹ̀yin akọrin wa,
>
> Láti oṣù tó ń bọ̀, a ò ní máa ṣe ríhásà oníwákàtí mẹ́ta ti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ mọ́. Nínú ìṣẹ́jú 180 yẹn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 120 la fi ń kọ́ ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí sopuránò bá ń kọ́ tiwọn, àwọn mẹ́ta yòókù á jókòó. Ẹ pín 120 sí ọ̀nà mẹ́rin: ìṣẹ́jú 30 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń kọrin, ìṣẹ́jú 90 ló fi ń wòran.
>
> Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:00 sí 6:45 ìrọ̀lẹ́, ohùn kọ̀ọ̀kan á pàdé olórí rẹ̀ ní yàrá tirẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, aago 6:00 sí 7:30, gbogbo wa á pàdé pọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, a ò ní kọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ìṣẹ́jú 10 ni a ó fi mú ohùn gbóná, ìṣẹ́jú 15 ni a ó fi ka orin lójú ẹsẹ̀, ìyókù á lọ sórí orin tó wà nílẹ̀.
>
> Ní ti kíka orin: mo máa pín bébà kan tí ẹ ò rí rí, ìpín mẹ́jọ péré. Ẹ ó ní ìṣẹ́jú àáyá 30 láti wò ó láì la ẹnu. Dùrù á fún yín ní do, mi, so, do, á sì dákẹ́. A ó kọ ọ́ ní sólífà, díẹ̀díẹ̀, ìlù 60 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá sọnù kò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn. Kó dúró de ìlù àkọ́kọ́ nínú ìpín tó tẹ̀ lé e, kó wọlé níbẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, orin náà á máa rìn lẹ́sẹẹsẹ, tàbí kó fò láàárín do, mi àti so nìkan. Sólífà àti ìlà márùn-ún ló máa wà lórí bébà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlà márùn-ún nìkan ni.
>
> Ní ìparí oṣù kẹta, màá gbọ́ yín ní méjì méjì.

Sopuránò_Òkè

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ má bínú o, ṣé ẹ fẹ́ lé àwọn kan dànù ni? Bí ẹ bá ti ní ẹ máa gbọ́ wa ní méjì méjì, a ti mọ ibi tó ń lọ. Ohùn mi ń dé òkè pátápátá, kò sí orin tí wọ́n gbé wá tí mi ò lè kọ, kí ni bébà ìpín mẹ́jọ fẹ́ fi hàn nípa ohùn mi?

Olùdarí_Akọrin

Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, n ò lé ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe bí ohùn ṣe ga tó ni mo fẹ́ gbọ́. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó ń kà àti ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹlòmíì.

Ọmọ_Dùrù

Ẹ rí i pé wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, ìlà tó kẹ́yìn ló sì ti bẹ̀rẹ̀. "Màá gbọ́ yín" láì sọ ohun tó máa tẹ̀ lé e, ìdánwò ìléjáde ni gbogbo ènìyàn máa kà á sí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ní gbangba pé ẹnikẹ́ni kò ní kúrò nítorí rẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi èsì náà ṣe. Ìjókòó ni èmi máa ń fi tún ṣe. Bí mo bá ti mọ ẹni tó ń kà nínú áltò, n kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó pọ̀ síwájú. Mo máa ń fọ́n wọn ká, kí òǹkàwé kan wà lẹ́yìn ẹni méjì tí kò tíì lè kà, nítorí etí máa ń gbọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn ju ẹni tó wà níwájú lọ.

Ẹ ò tilẹ̀ nílò láti dúró di oṣù kẹta kí ẹ tó mọ ẹni tó ń tẹ̀ lé. Ẹni tó ń tẹ̀ lé máa ń pẹ́ díẹ̀. Kò pẹ́ tó ìlù kan, ó lè máà tó ààbọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n etí ń gbọ́ ọ. Ẹ fún wọn ní orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú k tàbí t, kí ẹ fetí sílẹ̀: bí gbogbo wọn bá ń kà, k kan ṣoṣo lẹ ó gbọ́. Bí àwọn kan bá ń tẹ̀ lé, k méjì ni, èkíní látẹnu òǹkàwé, èkejì látẹnu àwọn yòókù. Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ ní kí ẹni tó lágbára jù nínú ohùn náà pa ẹnu dé fún ìpín méjì láìsọ fún àwọn tó kù. Bí ohùn náà bá wó lulẹ̀ níbẹ̀, ẹnì kan ló ti ń gbé gbogbo wọn.

Báàsì_Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Sólífà la fi tọ́ àwa dàgbà, a ò sì rí orin tó borí wa. Arábìnrin Sarah Glover ní Norwich ló gbé e kalẹ̀, John Curwen ló tún un ṣe tó sì tàn án kálẹ̀, kí àwọn tí kò mọ ìlà márùn-ún lè rí ọ̀nà kọrin. Kí ni ẹ tún fẹ́ fi ìlà márùn-ún ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Ẹni tó bá sì fẹ́ ka ìlà náà, kò le: ṣáàpù tó kẹ́yìn ni do, fúláàtì tó kẹ́yìn náà ni do. Ó parí.

Ohun tó tún wà nílẹ̀ ni pé ojú mi kò rí nótì kéékèèké mọ́. Sólífà tí wọ́n kọ gbàgàdà ni mò ń rí. Bébà tí ìlà rẹ̀ há mọ́ra, ńṣe ni nótì orí ìlà àti ti àárín ìlà máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn lójú mi.

Ọmọ_Dùrù

Bàbá, ẹ kú àgbà. Ọ̀rọ̀ yín lórí Glover àti Curwen bẹ́ẹ̀ ló rí, mo sì fara mọ́ ọn pé sólífà ni ẹsẹ̀ tí akọrin fi ń rìn. Ẹni tó bá ń kọ so sí do mọ bí ìfò náà ṣe máa ń dún kó tó la ẹnu, kíì yòówù kó jẹ́. Ẹni tó ń ka lẹ́tà nótì nìkan kò ní in.

Ṣùgbọ́n ti ṣáàpù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe kí ẹnì kan má lọ fi kọ́ ọmọ. Ṣáàpù tó kẹ́yìn ni ti, kì í ṣe do. Do wà lókè rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá rí ṣáàpù mẹ́ta, F, C, G, èyí tó kẹ́yìn ni G. G ṣáàpù ni ti, nítorí náà A ni do. Bí akọrin bá mú G ṣáàpù ní do, gbogbo orin á fi ààbọ̀ ìdásẹ̀ wálẹ̀, wọ́n á sì máa rò pé dùrù ló ń purọ́.

Ní ti fúláàtì, èyí tó kẹ́yìn ni fa. Bí fúláàtì bá ju ẹyọ kan lọ, èyí tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn ló wà lórí do. Fún àpẹẹrẹ, fúláàtì mẹ́rin ni B, E, A, D. D ló kẹ́yìn, ó jẹ́ fa. A fúláàtì ni do. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré, B, kò sí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ kàn fi fa sọ̀kalẹ̀: B fa, A mi, G re, F do. Bí orin bá parí sórí la dípò do, ẹ má yí do padà. Orin oníbànújẹ́ ni, la ló fi ṣe ilé. Àmì iwájú kì í yí padà torí ìyẹn.

Ti ojú yín, ẹ sọ fún olùdarí kó tẹ bébà yín ní ìlọ́po méjì. Kò yẹ kí ó jẹ́ ìdí tí ẹ kò fi ní kà. Ìpín mẹ́jọ yẹ kó gba bébà kan láì há.

Báàsì_Àgbà

O ṣé, ọmọ mi. Ti ni, mo gbà. Ẹni tó kọ́ mi ló sọ pé do ni, mo sì ti máa ń gbé e sókè díẹ̀ fúnra mi láti ọjọ́ yìí wá, n ò mọ ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta kéré o. N ò tíì gbà lórí ìyẹn.

Áltò_Òru

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Òru ni mo ń ṣiṣẹ́, àago mẹ́fà ọjọ́ Ìṣẹ́gun gan-an ni mo máa ń jáde nílé. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo lè wá. Gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà yìí ṣe wà, mi ò ní ibi tí mo ti máa kọ́ ohùn mi, nígbà tí wọ́n sì ní wọn ò ní kọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ṣé olórí áltò ò lè fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́? Bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́nà, mo ti mọ̀ ọ́n. N ò rí ohun tí kíka bébà fẹ́ fi ṣe mọ́ lẹ́yìn náà.

Tẹ́nọ̀_Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, fóònù yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Nínú ẹgbẹ́ wa, gbogbo ohùn la gbà sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Orin ń yára mọ̀, ìdùnnú ṣubú layọ̀. Àṣé nígbà tí ènìyàn bá ti mọ orin látinú fóònù, ọ̀rọ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ ń wò lórí bébà, kì í wo nótì mọ́. Bí olùdarí wa bá wá sọ pé "ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpín ogún", ńṣe ni gbogbo wa ń wo ara wa. Kò sẹ́ni tó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín, torí inú fóònù la ti mọ̀ ọ́n láti orí dé ìdí.

Ìyẹn ni mo fi ń dán ènìyàn wò báyìí. Ẹni tó bá lè mú nótì rẹ̀ ní ìpín tí wọ́n bá pè, kà ló ń kà. Ẹni tó bá ní "ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látòkè", etí ló ń lò.

Ohun tí mo lè gbà yín níyànjú ni pé kí olórí áltò gba ìlù nìkan sílẹ̀, ìyẹn kó máa pàtẹ́wọ́ kó sì ka ọ̀rọ̀ lórí ìlù, láì kọ orin rárá. Bí ẹ bá ti mọ ìlù, nótì tó kù sílẹ̀ fún ojú yín á dínkù gan-an. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kà á fúnra yín tán ni kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́, kí ẹ fi yẹ ara yín wò.

Áltò_Òru

Ìlù nìkan ṣáá? A ó gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìṣẹ́gun kò tíì yanjú o.

Olùdarí_Akọrin

Mo ń ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣeun. Ọmọ_Dùrù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ìpín mẹ́jọ kan, kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ bí ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn ṣe yẹ kó lọ. Mo fẹ́ fi kún lẹ́tà náà, torí mo mọ̀ pé wọ́n á máa wo bébà bí ẹni wo àwòrán.

Ọmọ_Dùrù

Ó dáa. Mo kọ èyí fún áltò. Ìlù méjì ló wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan.

```
Kíì A
| d :d | r :m | f :m | r :– |
| m :m | fe :s | s :– | – :– ||
```

(Olùdarí, èyí le ju ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ nítorí fe, ìyẹn fa tí wọ́n fi ààbọ̀ ìdásẹ̀ gbé sókè, tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣubú sí.)

Ohun tí mo ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30 kì í ṣe kí n kọ orin náà sínú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àkókò kò tó. Mo máa kọ́kọ́ wá do: ṣáàpù mẹ́ta, A. Mo máa wo nótì àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn: do ló bẹ̀rẹ̀, so ló parí. Èyí ti sọ nǹkan fún mi, pé orin náà kò padà sílé, ó ti lọ síbòmíì. Lẹ́yìn náà, mo máa fi ojú wá ibi tó yàtọ̀. Ìpín kẹrin ní nótì tó gùn, re ìlù méjì. Ìpín kẹfà ní fe. Méjì péré ni. Àwọn tó kù ń rìn lẹ́sẹẹsẹ, n ò ní fi àkókò mi ṣòfò lórí wọn. Ìṣẹ́jú àáyá tó bá ṣẹ́kù, orí ibi méjì yìí ni mo máa lò ó tán.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpín kẹrin. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé wọ́n á kọ re, wọ́n á rò pé ó tó, wọ́n á sì wọ mi ní ìlù kejì. Láti ibẹ̀ lọ, áltò ti ṣáájú gbogbo ayé pẹ̀lú ìlù kan, bí wọ́n bá sì tọ́ nótì gbogbo, ìjà ṣì ni wọ́n ń bá ohùn yòókù jà. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé wọ́n á parí orin nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà lókè. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ ìlù náà lódindi láì kọ nótì kankan, kí wọ́n ti ọwọ́ méjèèjì pa mọ́ra ní ìlù tí nótì ń gùn lé, kí wọ́n má gbé e kúrò.

Ìpín kẹfà ni ọ̀rọ̀ wà. Akọrin rí fe, ẹnu rẹ̀ kọ fa, nítorí fa ni ẹnu ti mọ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà tó bá dé so, àwọn kan á gun ìdásẹ̀ odindi kan kí wọ́n tó dé ibẹ̀, àwọn kan á gun ààbọ̀, ohùn á wá pín sí méjì lórí so. Bí ẹ bá gbọ́ kí so máa ṣe gbọ̀ngbọ̀n lórí ìpín keje, ẹ má tún so ṣe, fe ló ṣe é. Ìdàpọ̀ ohùn yòókù náà á kigbe, torí ẹni tó kọ orin náà ti fi ohùn yòókù lọ kíì E níbẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà nínú sólífà fúnra rẹ̀, Curwen ti ṣe é sílẹ̀ fún wa. Ní ìpín karùn-ún, mi ni ẹ ó pa dà sọ di la. Ẹ kọ mi àkọ́kọ́ bí ó ṣe wà, kí ẹ sì pe èkejì ní la. Nótì kan náà ni, orúkọ ló yí. Láti ibẹ̀, ìpín kẹfà di ti, do. Ti sí do, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ààbọ̀ ìdásẹ̀ kúkurú tí etí ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ibi tí ẹnu ti ń jà fún fe, ó di ohun tí ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Orin náà parí sórí do tuntun, ìyẹn ló fi jẹ́ pé nótì tó kẹ́yìn kò padà sí do ti àkọ́kọ́.

Ìlù 60 nínú ìṣẹ́jú kan: ìpín mẹ́jọ, ìlù 16, ìṣẹ́jú àáyá 16 ló máa gbà. Ẹ lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ń jẹ́ kíka. Ẹ̀ẹ̀kejì ti di rírántí.

Do_Kò_Yí

Ẹ má bínú pé mo já wọ̀ ọ́. Níbi tí èmi ti kọ́ orin, C ni do nígbà gbogbo, kíì yòówù kó jẹ́. Orúkọ kì í yí. Bí mo bá dé ẹgbẹ́ irú èyí, tí wọ́n sì ń pe A ní do, orí mi máa dàrú. Èmi rò pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lo èyí tó mọ̀, kó ṣáà ti kọ nótì tó tọ́.

Ọmọ_Dùrù

Ẹ rí i, ẹ̀yin ní orúkọ fún nótì, àwa ní orúkọ fún ibi tí ó wà sí ilé. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu méjì nínú yàrá kan, tí ọ̀kan ń pariwo mi, tí èkejì ń pariwo do lórí nótì kan náà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ò ní mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Nínú ìṣẹ́jú 15 yẹn, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú "là là" bí ẹ bá fẹ́. Èmi ò ní fi agbára yí yín padà.

Do_Kò_Yí

"Là là" tí mo bá kọ, ẹ ó ní mo ń pe la. Ẹ jẹ́ n máa fi "nù nù" ṣe é nígbà náà.

Tẹ́nọ̀_Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́

Kí n tó gbàgbé: ẹnì kan kọ irú lẹ́tà yìí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Guido ará Arezzo, ẹni tó mú ut, re, mi, fa wá láti inú orin mímọ́ kan, kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ohun tí akọrin ń fi ọdún mẹ́wàá kọ́, ọdún kan tàbí bó pẹ́ jù méjì tó láti fi mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́ta ti ọ̀gá wa sáré ju ti Guido lọ o! Mo fara mọ́ Bàbá Báàsì pé oṣù mẹ́ta kéré. Èmi ní kí sólífà wà lórí bébà fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ máa yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀: lákọ̀ọ́kọ́ gbogbo nótì, lẹ́yìn náà nótì àkọ́kọ́ ìpín kọ̀ọ̀kan nìkan, lẹ́yìn náà do nìkan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ bá gba sólífà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, inú ilé ló ti máa fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sábẹ́ gbogbo nótì, ojú rẹ̀ ò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́.

Olórí_Áltò

Èmi ni olórí ohùn níbòmíì, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ṣé àwọn olórí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tiyín lè kà? Bí olórí tẹ́nọ̀ bá kọ́ wọn ní Ìṣẹ́gun pẹ̀lú àṣìṣe kan, wọ́n á gbé àṣìṣe náà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ti jinlẹ̀, ẹ ó sì fi ìdajì wákàtí yọ ọ́ kúrò. Ó rọrùn láti kọ́ ohun tuntun ju kí ènìyàn yọ ohun tí ẹnu ti mọ̀ lọ. Ẹ pàdé àwọn mẹ́rin yìí fún ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbọ́ kí wọ́n kọ ohùn wọn fún yín. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ kan náà, torí bí ẹ bá rí àṣìṣe, wọ́n nílò àkókò láti tún un ṣe.

Yàrá ńkọ́? Yàrá mẹ́rin, dùrù mẹ́rin?

Olùdarí_Akọrin

Mẹ́ta nínú wọn lè kà dáadáa. Olórí báàsì, etí rẹ̀ dára ju ojú rẹ̀ lọ. Màá pàdé wọn ní ọjọ́ Àìkú gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí.

Yàrá mẹ́ta la ní, dùrù méjì. Ibẹ̀ ni mo dé tí n ò tíì mọ ọ̀nà. Mo ti rò ó pé kí sopuránò àti áltò máa wá ní Ìṣẹ́gun, kí tẹ́nọ̀ àti báàsì máa wá ní Ọjọ́rú. Ìyẹn á gba Áltò_Òru lọ́wọ́ mi pátápátá bó bá jẹ́ pé Ìṣẹ́gun ló ti ń ṣiṣẹ́.

Bí mo ṣe tún apá kíka orin kọ nìyí. Ẹ wò ó:

> Fún oṣù mẹ́fà, sólífà á wà lórí bébà, a ó sì máa dín in kù bí oṣù ṣe ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bébà gbàgàdà, kó sọ fún mi, màá tẹ̀ ẹ́. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 30 tí ẹ ní, ẹ má gbìyànjú láti kọ gbogbo orin náà sínú. Ẹ wá do, ẹ wo nótì àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn, kí ẹ wá ibi méjì tó le jù, kí ẹ lo ìyókù àkókò níbẹ̀. A ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ ìlù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí a tó kọ ọ́.
>
> Ní oṣù kẹta, màá gbọ́ yín ní méjì méjì, pẹ̀lú ẹni tí ẹ bá yàn fúnra yín. Ẹnikẹ́ni kò ní kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí rẹ̀. Ohun tí màá fi ṣe ni láti tún ìjókòó tò, àti láti mọ bí bébà oṣù kẹrin ṣe yẹ kó le tó.

Sopuránò_Òkè

Bí ó ṣe wà yìí, mo lè fi orúkọ mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá yàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lè kà o, kí n má purọ́ fún yín.

Ọmọ_Dùrù

Sopuránò, ìdí tí mi ò fi fara mọ́ yíyàn fúnra ẹni gan-an nìyẹn. Ẹ ó mú òǹkàwé, ẹ ó máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ààbọ̀ ìlù, olùdarí ò sì ní mọ̀. Olùdarí, bí ẹ bá fi dandan jẹ́ kí wọ́n yàn, ẹ mú ohùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: sopuránò kan pẹ̀lú áltò kan, oníkálukú pẹ̀lú ìlà tirẹ̀. Kò dá nìkan wà, kò sì ní ẹni tí ó lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Báàsì_Àgbà

Bí báàsì àti tẹ́nọ̀ bá fẹ́ pàdé ní Ọjọ́rú, yàrá kan tó wa, a ò sì nílò dùrù. Ẹ fún wa ní àmì do lórí fóònù, a ó wá ọ̀nà ìyókù. Nípa ti Áltò_Òru, mo ní àbá kan: ṣé kò lè wá jókòó tì wá ní Ọjọ́rú, kó máa ka ìlà áltò nígbà tí tẹ́nọ̀ ń ka tiwọn?

Áltò_Òru

Ọjọ́rú mo wà nílé títí di aago mẹ́jọ, Bàbá. Bí tẹ́nọ̀ ò bá ní fà mí lọ sísàlẹ̀, màá wá.